Ẹsẹ̀ ti lọ, kí ló dé tó ṣì ń dùn wọ́n? Àlàyé lórí ìrora ẹ̀yà ara tí wọ́n ti gé

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ gbé ìwádìí kan jáde tó dá awuyewuye sílẹ̀. Wọ́n yẹ ọpọlọ èèyàn mẹ́ta wò kí wọ́n tó gé apá wọn, wọ́n sì tún ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán, títí dé ọdún 5 fún ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé apá ti lọ, ṣùgbọ́n àyè tí ọwọ́ ní nínú ọpọlọ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Èyí ta ko ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, pé bí ẹ̀yà ara bá ti kúrò, àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú ọpọlọ á gba àyè rẹ̀, àti pé ìgbàyè yìí gan-an ló ń fa ìrora.

Bí ìròyìn náà ṣe ń tàn kálẹ̀ ni ó ń yí padà lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Àwọn kan ní ó ti hàn báyìí pé kò sí ìrora kankan, àròsọ lásán ni. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn ni ìtọ́jú tí wọ́n ń fi dígí ṣe fún irú ìrora yìí. Ìwádìí náà kò sọ ìkankan nínú méjèèjì. Láti mọ ohun tó sọ, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ìrora ń tọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìrora ẹ̀yà ara tí kò sí mọ́?

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, àwọn èèyàn sì sábà máa ń pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó lè máa mọ̀ ọ́n lára pé ẹsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kí ó mọ bí àwọn ìka ṣe tẹ̀, kí ó tilẹ̀ gbàgbé kí ó sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ nígbà tó bá jí. Èyí kì í dun ẹnikẹ́ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kì í ṣe. Ohun kejì ni ìrora kùkùté, ìyẹn ibi tó kù lára ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wa: ìrora tó ń wá láti ibi tí kò sí ẹran ara kankan mọ́. Ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé á máa jó bí iná, tàbí kí ó dà bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí kí pajápajá mú un, kí ìka ká jọ kí ó má sì ṣeé tú.

Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún 16. Ṣùgbọ́n Silas Weir Mitchell, dókítà tó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ lórúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é lónìí, ní ọdún 1871. Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n: ó lé ní ìdajì àwọn tí wọ́n gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀ tó ń ní in nígbà kan tàbí òmíràn.

Ọ̀nà wo ni ìrora ń gbà dé ọpọlọ?

Inú awọ ara, inú iṣan ẹran àti inú oríkèé kún fún ẹnu iṣan ìmọ̀lára. Àwọn kan nínú wọn kì í dáhùn àfi bí ohun tó lè pa ara lára bá dé: ooru tó pọ̀jù, ohun tó ń gé tàbí tó ń tẹ ara rẹ́, tàbí àwọn èròjà tó ń tú jáde lára ibi tó wú. Bí wọ́n bá ti jí, wọ́n á rán ìròyìn lọ sínú okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Oríṣi fọ́nrán iṣan mẹ́ta ló ń gbé ìròyìn náà, ó sì yẹ ká mọ̀ wọ́n. Àwọn tó nípọn jù ń gbé ìfọwọ́kàn lásán, ìròyìn wọn sì ń sáré tó mítà 35 sí 75 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ń gbé ìrora tó mú ṣáṣá, ní mítà 5 sí 30. Àwọn tó tín-ín-rín jù lọ ń gbé ìrora tó ń jó tó sì ń pẹ́, wọn kì í sì í yára ju mítà ìdajì sí méjì lọ. Ẹni tó bá ti fi ìka ẹsẹ̀ gbá òkúta rí mọ ìyàtọ̀ yìí lára rẹ̀: ìrora àkọ́kọ́ á dé wàrà, á mú ṣáṣá, á sì lọ, lẹ́yìn náà ni èkejì á wá rọra dé, á sì jókòó tì í. Láti ìka ẹsẹ̀ dé ọ̀pá ẹ̀yìn tó nǹkan bíi mítà kan, ìdí nìyẹn tí èkejì fi lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó dé.

Nínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, fọ́nrán náà á fi ìròyìn lé sẹ́ẹ̀lì mìíràn lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì yìí á sọdá sí òdìkejì, á sì gòkè lọ sí tálámọ́ọ̀sì, ìkóríta kan ní àárín ọpọlọ. Láti ibẹ̀ ni ìròyìn á ti pínyà: apá kan á lọ síbi tí ọpọlọ ti ń mọ ibi tó ń dùn àti bó ṣe le tó, apá kejì á lọ síbi tí ìnira àti ìpáyà ti ń wá. Nítorí náà, kò sí ìrora kankan, ìbáà jẹ́ ti ojú egbò, tí ọpọlọ kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni wí pé “inú ọpọlọ ló wà” kò sọ ọ́ di irọ́.

Géètì wo ni wọ́n ń sọ pé ó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn?

Títí di àárín ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀pọ̀ gbà pé bí egbò bá ṣe tó ni ìrora rẹ̀ yóò ṣe tó. Ní ọdún 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall gbé àbá kan kalẹ̀ tó tako èyí. Wọ́n ní ìròyìn ìrora kì í kàn kọjá sókè bẹ́ẹ̀. Níbi tó ti ń wọ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, géètì kan wà tó lè jẹ́ kó kọjá, tó lè dín in kù, tó sì lè dá a dúró.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́ ni géètì náà. Bí fọ́nrán tó nípọn, èyí tó ń gbé ìfọwọ́kàn, bá ń ṣiṣẹ́, ó ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí jí, wọ́n á sì tẹ ìròyìn ìrora mọ́lẹ̀. Bí fọ́nrán tín-ín-rín bá borí, géètì á ṣí. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ wa fi ń lọ síbi tó bá dùn wá láti fi pa á láìrò ó tẹ́lẹ̀, tí ara sì ń tù wá. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ náà ní ọwọ́ nínú géètì yìí láti òkè: ó ń rán àṣẹ sísàlẹ̀ láti ìdí ọpọlọ, ó sì lè ti géètì pa nígbà tí ewu mìíràn bá gba ọkàn wa, tàbí kí ó ṣí i gbayawu nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà wá.

Láàárín ọdún díẹ̀, àbá náà di ohun èlò. Ní 1967, Wall àti William Sweet ròyìn pé àwọn fi iná mànàmáná tí kò lágbára ta fọ́nrán tó nípọn jí, ìrora sì rọlẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara lónìí ti wá.

Ṣé àbá náà tọ̀nà? Kókó rẹ̀ dúró, pé ọ̀pá ẹ̀yìn ń ṣe àtúnṣe sí ìrora kí ó tó gòkè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní 1965 kò tọ́ délẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n yà sínú àwòrán wọn lọ. Ibi tó sì ti kù díẹ̀ káàtó jù lọ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara tí wọ́n ti gé.

Bí ẹsẹ̀ bá ti lọ, ibo ni ìrora ti ń wá?

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní agbedeméjì ojúgun, ká sì tọ fọ́nrán kan ṣoṣo tó ti ìka ńlá rẹ̀ wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìka ẹsẹ̀ kọ́ ni sẹ́ẹ̀lì tó ni fọ́nrán yìí ń gbé. Ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn, ní ìsàlẹ̀ ìbàdí, ni ara sẹ́ẹ̀lì náà wà, nínú kókó kékeré kan tí iṣan ní kí ó tó wọnú ọ̀pá ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ ni ó ti na apá rẹ̀ gbọọrọ dé ìka. Nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀, ìsàlẹ̀ fọ́nrán náà bá a lọ. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì náà kò kú, ohun tó wà láàárín ojúgun àti ìbàdí náà kò kú, ọ̀nà rẹ̀ sínú ọpọlọ sì pé pérépéré.

Fọ́nrán tí wọ́n gé máa ń fẹ́ hù padà, ní nǹkan bíi mìlímítà kan lóòjọ́. Ó ń wá awọ ìka tí yóò so mọ́, kò sì rí i. Nítorí náà á máa lọ́ mọ́ra rẹ̀ àti mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí tí wọn yóò fi di kókó ní ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e. Nínú kókó yìí, àwọn ihò tí èròjà sódíọ̀mù ń gbà wọlé sára fọ́nrán á kóra jọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ihò yìí ló ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn nínú iṣan, nítorí náà fọ́nrán náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìròyìn láìjẹ́ pé ohunkóhun kàn án. Bí wọ́n bá tẹ kókó náà, bí òtútù bá mú un, ìròyìn á pọ̀ sí i. Ara sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́bàá egungun ẹ̀yìn pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìròyìn sílẹ̀.

Báwo ni ọpọlọ yóò ṣe ka ìròyìn yìí? Ọ̀nà tó gbà wọlé ni ọpọlọ ń wò, kì í wo ibi tó ti gbéra. Ọ̀nà yìí ti jẹ́ ti ìka ńlá láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọkùnrin náà, nítorí náà ìka ńlá ló ń dùn ún. Ẹni tí kò pàdánù ẹ̀yà ara kankan náà lè rí irú èyí: bí èèyàn bá fi ìgúnpá gbá igi, tó sì bá iṣan tó gba ibẹ̀ kọjá, ìka tó kéré jù lọ́wọ́ rẹ̀ á ta jìnnìjìnnì, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó kan ìka náà.

Géètì náà ò ní dákẹ́ níbẹ̀. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń pèsè ìfọwọ́kàn tó ń ti géètì. Ó ti lọ. Nítorí náà, ìròyìn ìrora tó ń ti kókó wá kò rí ẹni dá a dúró bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá sì ti ń dun ọkùnrin yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó gé e, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá ẹ̀yìn lè ti di aláìfaradà, kí ìròyìn kékeré máa jí wọn bí ńlá.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ọpọlọ?

Nítorí pé àlàyé iṣan àti géètì nìkan kò ká gbogbo rẹ̀. Melzack fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ní 1978, òun àti John Loeser ṣàlàyé àwọn aláìsàn tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti já, tí ẹsẹ̀ tí wọn kò lè mọ ìfọwọ́kàn lára rẹ̀ mọ́ sì ń dùn wọ́n gidigidi. Géètì tó wà nísàlẹ̀ ibi tó ti já kò lè rán nǹkan kan sókè. Ọpọlọ ní láti lè dá ìmọ̀lára ara sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lórí ọpọlọ, máàpù ara kan wà: ẹsẹ̀ ní àyè tirẹ̀, ọwọ́ ní tirẹ̀, ojú àti ètè sì wà nítòsí ọwọ́. Ní 1991, Tim Pons àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ àwọn ọ̀bọ wò tí iṣan apá wọn ti já láti nǹkan bí ọdún 12 sẹ́yìn. Àyè tó jẹ́ ti ọwọ́ ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ kan ojú wọn. Kò pẹ́ sí i tí V. S. Ramachandran fi hàn pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn kan tí wọ́n gé lápá, wọ́n ń mọ̀ ọ́n ní ọwọ́ tí kò sí mọ́. Ní 1995, Herta Flor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé bí àyè ètè bá ṣe sún mọ́ àyè ọwọ́ tó ni ìrora ṣe ń le tó. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání, ó sì tàn káàkiri: ìgbàyè ló ń fa ìrora.

Kí ni ìwádìí 2025 sọ, kí sì ni kò sọ?

Àwọn ìwádìí ìṣáájú lórí èèyàn ní àléébù kan náà: ẹni tí wọ́n ti gé lápá ni wọ́n ń fi wé ẹlòmíràn tí apá rẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó mọ bí ọpọlọ onítọ̀hún ṣe rí tẹ́lẹ̀. Hunter Schone, Chris Baker, Tamar Makin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló rí àwọn mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ gé lápá, tí wọ́n sì lè yẹ̀ wò ṣáájú. Wọ́n ní kí wọ́n máa mi ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa súnnu pọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ń ya àwòrán ọpọlọ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n gé apá, wọ́n ní kí wọ́n tún mi ìka náà, àwọn ìka tí kò sí mọ́. Àwòrán tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti tẹ́lẹ̀ mu délẹ̀. Àyè ètè kò ṣí lọ sórí àyè ọwọ́. Wọ́n tún fi wọ́n wé àwọn 26 mìíràn tí wọ́n ti gé lápá láti ọjọ́ pípẹ́, bákan náà ló rí.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wádìí tẹ́lẹ̀ ni. Bí wọ́n bá bi ojú ibì kan nínú ọpọlọ pé ẹ̀yà ara wo ló ń ta á jí jù, tí wọn kò sì bi í nípa ọwọ́ nítorí pé ọwọ́ kò sí, aládùúgbò ni yóò yege, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ó wá dà bíi pé aládùúgbò ti gba ilé.

Àwọn tó wà ní apá kejì náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Èèyàn mẹ́ta kéré. Kí ẹnì kan mi ìka tí kò sí mọ́ yàtọ̀ sí kí wọ́n fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni wọ́n ń bi ọpọlọ, ìdáhùn méjì sì lè tọ̀nà. Ìwádìí náà kò sì sọ pé ọpọlọ kì í yí padà rárá. Máàpù ara tó wà lórí ọpọlọ nìkan ló wò. Kò wo okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, kò sì wo ibi tí ìnira ti ń wá nínú ọpọlọ.

Ṣé wọ́n lè dán an wò bóyá iṣan ni tàbí ọpọlọ?

Wọ́n ti gbìyànjú. Bí ìrora bá ń ti iṣan wá, kí wọ́n gún oògùn tó ń mú ara kú sí iṣan náà, ìrora yẹ kó lọ kíá. Ní 1997, Niels Birbaumer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gún un fún àwọn mẹ́fà tó ní ìrora apá tí kò sí mọ́. Fún mẹ́ta, ìrora lọ. Fún mẹ́ta, kò lọ. Ní 2014, Apostol Vaso, Marshall Devor àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gún tiwọn sókè sí i, lẹ́bàá egungun ẹ̀yìn níbi tí ara sẹ́ẹ̀lì wà, fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Kíákíá ni ìrora náà rọlẹ̀, ìmọ̀lára pé ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ pàápàá sì pòórá, títí tí oògùn fi ṣíwọ́. Fún wọn, èyí ni ẹ̀rí pé iṣan tó wà nísàlẹ̀ ló ń dá ìrora náà sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó lè jẹ́ pé ìròyìn láti ìsàlẹ̀ kàn ń mú ohun tó ti gbilẹ̀ lókè dúró ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ lónìí gbà pé bí ó ti pọ̀ sí lọ́dọ̀ iṣan tàbí lọ́dọ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ kò dọ́gba láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Lójú tèmi, mẹ́ta sí mẹ́ta ti 1997 yẹn ti fi èyí hàn tipẹ́.

Kí ló kan ẹni tí ìrora ń bá jà?

Ohun tó kàn án ni ibi tí wọ́n máa gbájú mọ́. Bí dókítà bá fi ìka gbá kùkùté jẹ́jẹ́ níbì kan, tí iná sì ta dé ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́, kókó iṣan wà níbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú bá sì mú un rọlẹ̀, iṣẹ́ abẹ lórí iṣan náà ṣeé rò. Gígé kókó náà nù nìkan kì í sábà pẹ́ kí òmíràn tó hù. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kan fi ń so ẹnu iṣan tí wọ́n gé mọ́ iṣan kékeré tó ń darí ẹran kan nítòsí, kí fọ́nrán tó ń wá ibi tí yóò lọ lè rí ibi. Ìwádìí kan tí wọ́n fi èèyàn 28 ṣe, tó jáde ní 2019, fi hàn pé èyí ń ṣèrànwọ́ fún ìrora ẹ̀yà ara tí kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n bí kùkùté bá wú, tó gbóná, tàbí tí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ń họ ọ́, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú nìyẹn, nítorí ó lè máa ta ìrora ẹ̀yà ara tí kò sí mọ́ jí.

Ní ti dígí, wọ́n á gbé e sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí aláìsàn máa wo àwòrán ẹsẹ̀ tó pé bí ẹni pé èkejì ló ń mì. Ní 2007, Brenda Chan, Jack Tsao àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dán an wò, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4. Gbogbo àwọn mẹ́fà tó wo dígí ni ìrora wọn dín kù. Nínú àwọn mẹ́fà tó wo dígí tí wọ́n fi aṣọ bò, ẹyọ kan. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fohùn ṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Bí máàpù ọpọlọ kò bá ṣí rárá, àlàyé tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, pé dígí ń dá máàpù padà sípò, ni yóò ṣubú. Ìrọ̀rùn tí àwọn mẹ́fà yẹn rí kò bá a ṣubú. Ó lè jẹ́ pé ojú ń pèsè ohun tí awọ ẹsẹ̀ kò lè pèsè mọ́, tàbí pé ọpọlọ ń lo àṣẹ tó ń rán sísàlẹ̀ láti ti géètì.